Ẹ má tilẹ̀kùn lóru: lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń ta sọ́fítíwia fún ilé-ẹ̀kọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta sọ́fítíwia tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni fi ń kọ máàkì, tí wọ́n fi ń tẹ ripọ́ọ̀tì káàdì, tí wọ́n sì fi ń mọ òbí tó ti sanwó àti èyí tí kò tíì san, ẹ̀yin ni mo kọ̀wé sí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi bá irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, nídìí owó oṣooṣù. Èmi ni mò ń mójú tó káàdì àwọn oníbàárà, èmi náà ni mo sì kọ òfin tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé nígbà tí owó kò bá wọlé lọ́jọ́ tó yẹ. Òfin yẹn kò ju ìlà mẹ́rin lọ: gbìyànjú káàdì lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá kọ̀, fi ímeèlì ránṣẹ́, dúró fún wákàtí 72, lẹ́yìn náà ti ilé-ẹ̀kọ́ náà síta. Mo rò pé ó mọ́gbọ́n dání. Ọ̀pọ̀ nínú yín ṣì ń lo irú rẹ̀ títí di òní, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Ilé-ẹ̀kọ́ kan wà lápá Òkè-Ògùn tó ti ń san ₦45,000 lóṣooṣù fún wa láti bí ọdún méjì, kò sì pẹ́ rí. Owó tiwọn máa ń bọ́ sí ọjọ́ 23 oṣù. Ní aago méjì òru ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 2024, kọ̀ǹpútà wa gbìyànjú káàdì wọn, káàdì kọ̀. Kóòdù tó padà wá ni `91`. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí mọ̀ pé `91` kò sọ pé owó kò sí. Ohun tó ń sọ ni pé báńkì tó ni káàdì, tàbí ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà dé ọ̀dọ̀ báńkì náà, kò dáhùn lásìkò yẹn. Báńkì ló ń sùn, oníbàárà kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí mo kọ kò ka kóòdù. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ni pé owó kò wọlé. Ímeèlì jáde, ó sì lọ sí àpótí bọ́sà kan tó ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà láti oṣù Kìíní. Wákàtí 72 pé ní aago méjì òru ọjọ́ Ẹtì, ilẹ̀kùn sì tì.

Ọjọ́ Ẹtì yẹn ni wọ́n ń gba ìsinmi tẹ́ẹ̀mù kẹta. Àwọn òbí ti jókòó sábẹ́ kánópì láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ripọ́ọ̀tì káàdì ni wọ́n sì ń retí. Tíṣà tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ jáde tan ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ó to bébà sí i, ó fi páásíwọ́ọ̀dù wọlé, ohun tó sì rí lójú kọ̀ǹpútà ni àkọlé pupa kan: wọ́n ti dá iṣẹ́ yín dúró nítorí owó tí ẹ kò san. Òbí méjì ti dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n kà á. Kí ó tó di ọ̀sán, ọ̀rọ̀ ti yí dà láàárín ọgbà, wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ ti wọ gbèsè.

Màmá tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà pè mí. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, owó wà ní báńkì o. Ta ló sọ pé a jẹ gbèsè?" Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi tiransifáà san án. Ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, owó ti kúrò nínú àkáǹtì wọn, wọ́n fi àlátì ránṣẹ́ sí mi. Ṣùgbọ́n owó káàdì nìkan ni kọ̀ǹpútà wa mọ̀. Ẹni tó bá fi tiransifáà san, akáǹtáǹtì wa ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ilẹ̀kùn tó ṣí, akáǹtáǹtì sì ti gba ààyè lọ sí ìgbéyàwó, ó di ọjọ́ Ajé. Èmi kò ní àṣẹ láti ṣí i. Àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ kọ ripọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ tó ń kúrò ní kíláàsì kẹfà, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí wọ́n ń lọ máa béèrè rẹ̀. Àwọn yòókù lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ tuntun wọlé, mo béèrè àwòrán ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n fi ọwọ́ kọ. Bíróò búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, wọ́n fi rúlà fa ìlà máàkì rẹ̀, wọ́n sì ti fi pẹ́ńsù ṣe ìròpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán yẹn wà lórí fóònù mi títí di òní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, láti aago méjì òru ọjọ́ 23 wá.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a ka kóòdù náà. Márùn-ún ni mo fẹ́ dárúkọ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ wọn kò sì dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ `91`, a kò tíì gbọ́ èsì kankan nìyẹn, nítorí náà kí a tún un gbìyànjú lẹ́yìn wákàtí kan tàbí méjì, ká tún un gbìyànjú ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ká tó sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, owó á ti wọlé kí oníbàárà tó jí. Bí ó bá jẹ́ `51`, owó inú àkáǹtì ni kò tó. Kí a máa lu káàdì bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ kò wúlò, àwọn ilé-iṣẹ́ káàdì a sì máa bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá ń lu káàdì kan láìdáwọ́dúró. Kí a dúró de ọjọ́ tí owó máa ń wọlé. Àwọn òbí ló ń bọ́ ilé-ẹ̀kọ́, owó oṣù ló sì ń bọ́ ọ̀pọ̀ òbí, torí náà bí káàdì bá kọ̀ ní ọjọ́ 23, ọjọ́ 28 àti ọjọ́ 1 oṣù tuntun ni ìgbà tó bọ́gbọ́n mu láti tún gbìyànjú. Bí ó bá jẹ́ `54`, káàdì ti kọjá ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i lára. Bí a gbìyànjú rẹ̀ nígbà ọgọ́rùn-ún, èsì kan náà ni, èèyàn ló gbọ́dọ̀ gbé fóònù kí ó sì béèrè káàdì tuntun. `41` àti `43` sọ pé káàdì sọnù tàbí pé wọ́n jí i gbé: ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án mọ́ rárá.

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé, bóyá báńkì ló fa á tàbí oníbàárà, owó ò kúkú wọlé. Òótọ́ ni pé owó ò wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ rántí oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ náírà, tí owó bébà di ọ̀wọ́n, tí gbogbo èèyàn sì rọ́ lu tiransifáà. Ẹni tó ní mílíọ̀nù kan nínú àkáǹtì kò rí ẹgbẹ̀rún márùn-ún fi ránṣẹ́. Ẹ tún rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, nígbà tí àwọn wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun bà jẹ́ lápá Abidjan, tí iṣẹ́ ọ̀pọ̀ báńkì sì dẹ̀ ní Nàìjíríà. Òfin wákàtí 72 kò mọ ìyàtọ̀ láàárín irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi owó wa pa mọ́. Àìrí owó san yàtọ̀ sí àìfẹ́ san, kóòdù sì ti sọ èyí tó jẹ́ fún wa kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọjọ́ mélòó wá ni kí a fún wọn? Ọjọ́ gíréèsì ni à ń pè é níbi iṣẹ́, ọjọ́ sùúrù ni n óò pè é níhìn-ín. Èmi gbà pé ọjọ́ mẹ́rìnlá ló tọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń san owó oṣooṣù. Kì í ṣe nọ́ńbà tí mo ṣà nínú afẹ́fẹ́. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ní òpin ọ̀sẹ̀ méjì nínú, ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá ló kù, ilé-ẹ̀kọ́ sì nílò wọn, nítorí bọ́sà ló máa rí ìwé wa, Màmá ló máa fọwọ́ sí i, Màmá sì lè wà ní Èkó tàbí kí ara wọn má yá. Ọjọ́ mẹ́ta kò gba ìrìn-àjò ẹyọ kan. Apple gan-an, tó ń gba owó fún àwọn aláàpù káàkiri ayé, jẹ́ kí ẹni tó ni áàpù yan ọjọ́ 3, 16 tàbí 28, nítorí pé oníbàárà kò rí bákan náà. Ẹni tó ń wo fíìmù lórí fóònù lè fara da ọjọ́ mẹ́ta. Ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tó ní káàdì lápò.

Ibi kan wà tí n kò ti ní fún ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ sùúrù: owó àkọ́kọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí káàdì rẹ̀ kọ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ yẹ kó san, kò tíì ní ohunkóhun nínú àpótí wa tí yóò pàdánù, àwa náà kò sì tíì mọ̀ ọ́n. Kí ó san kí ó tó wọlé. Ọjọ́ sùúrù wà fún ẹni tí a ti jọ ń bá a bọ̀.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ mí lógún jù lọ ni ohun tí à ń tì. Nínú sọ́fítíwia mi, ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ló wà, ó ṣí tàbí ó tì. Inú àtẹ àkáǹtì, ibi kan ni mo kọ ọ́ sí, `active`, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Àṣìṣe tó bí gbogbo àwọn yòókù nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló yẹ kí ó wà níbẹ̀. Fún ilé-ẹ̀kọ́ Òkè-Ògùn yẹn, bí wọn kò bá san rárá, ohun tí ó yẹ kí a kọ nìyí:

```
paid_until   2024-07-22
grace_until  2024-08-05
read_until   2024-11-03
```

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ìgbà tí owó tí wọ́n san parí. Láti ọjọ́ 23 oṣù Keje títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ mẹ́rìnlá, gbogbo iṣẹ́ tí kò ń ná wa lówó lọ́tọ̀ ló gbọ́dọ̀ máa lọ. Mo ní "tí kò ń ná wa lówó lọ́tọ̀" nítorí àtẹ̀jíṣẹ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ ń fi ránṣẹ́ sí òbí. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni ilé-iṣẹ́ fóònù ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò tíì san lè fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ránṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwa la ó san án. Èyí a lè dá dúró ní ọjọ́ kìíní gan-an, kò sẹ́ni tó máa sunkún. Ṣùgbọ́n máàkì kíkọ, ripọ́ọ̀tì títẹ̀, àti àkọsílẹ̀ ọmọ tó wá àti èyí tí kò wá, ohun tí wọ́n ń gbà lórí sáfà wa láàárín ọ̀sẹ̀ méjì kò tó nǹkan tí a lè fojú rí.

Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ, bí owó kò bá tíì wọlé, a ti ilẹ̀kùn ìkọ̀wé. Kò sẹ́ni tó lè fi máàkì tuntun sí i tàbí kó forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkà, títẹ̀ jáde àti gbígba gbogbo fáìlì sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ sí i, títí di ọjọ́ 3 oṣù Kọkànlá. Ìyà tó tó jẹ́ ìyà nìyí: ilé-ẹ̀kọ́ kò lè ṣe tẹ́ẹ̀mù tuntun bẹ́ẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Kẹsàn-án wọ́n á wá. Kò sì pa ọmọ kankan lára. Máàkì ọmọ kì í ṣe ohun ìní wa, a kàn ń bá wọn tọ́jú rẹ̀ ni. Láti ìgbà tí òfin ìdáàbòbò détà Nàìjíríà ti jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ẹ̀tọ́ ẹni tí détà jẹ́ tirẹ̀ láti gbà á ti wà nínú ìwé òfin. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé náà, mo mọ̀ nínú ara mi pé ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama kò bá wa tọwọ́ bọ̀wé lórí ₦45,000.

Ẹ ó rí i pé ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni, ń ṣe ni kí a sún un síwájú. Ẹ má ti ẹnikẹ́ni síta lóru, ẹ má ṣe é ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ má sì ṣe é ní ọjọ́ tó ṣáájú ìsinmi ìjọba. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló dára, nígbà tí ẹni tó lè gbé fóònù, tó sì ní àṣẹ láti ṣí i padà, wà lórí àga. Fún ilé-ẹ̀kọ́ ní pàtàkì, ọ̀sẹ̀ méjì ìparí tẹ́ẹ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́ ibi tí a kò fọwọ́ kàn. Kàlẹ́ńdà ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní gbangba, ẹni tó bá ń ta nǹkan fún ilé-ẹ̀kọ́ tí kò sì mọ ọjọ́ tí tẹ́ẹ̀mù ń parí kò tíì mọ oníbàárà rẹ̀.

Ìkìlọ̀ ńkọ́? Èèyàn méjì ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ gbà á, ọ̀kan nínú wọn sì gbọ́dọ̀ gbà á lórí fóònù, kì í ṣe ímeèlì. Kí ó sọ ọjọ́ tí ilẹ̀kùn máa tì, kí ó sọ ohun tí yóò tì àti ohun tí yóò ṣì ṣí, kí ó sọ iye owó. Ọ̀rọ̀ bíi "láìpẹ́" kò ran bọ́sà lọ́wọ́. Ojú àwọn tó ń mójú tó àkáǹtì ilé-ẹ̀kọ́ náà nìkan ni ìkìlọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà. Tíṣà kò gbọ́dọ̀ rí i, òbí kò gbọ́dọ̀ rí i. Àkọlé pupa tí mo fi sójú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ lójú àwọn tí kò ṣe wá ní nǹkan kan, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè tún un ṣe fún wọn.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. Àwọn tó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ọjọ́ mẹ́rìnlá náà lóṣooṣù ńkọ́? Wọ́n wà. Nínú ọdún mẹ́fà, mo mọ díẹ̀ lójú. Ọ̀nà tí a fi ń ká wọn lọ́wọ́ kò kọjá ìṣirò ọjọ́. Ẹni tó bá san nínú ọjọ́ sùúrù, láti ọjọ́ 23 tó yẹ kó ti san ni oṣù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe láti ọjọ́ tó rántí wa. Bí ó bá san ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ ni owó mìíràn tún pé. Kò rí ọjọ́ ọ̀fẹ́ kankan jẹ nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ sọ́fítíwia ti ń jò nìyí: wọ́n ń ka oṣù láti ọjọ́ tí owó wọlé, ẹni tó bá ń pẹ́ lọ́jọ́ mẹ́wàá lóṣooṣù á wá rí i pé owó oṣù mẹ́sàn-án lòun san lọ́dún.

Ẹni tí ilẹ̀kùn ti tì mọ́, tó wá san ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹjọ, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kò lo iṣẹ́ wa láti ọjọ́ 6, kò yẹ kí a gba owó ọjọ́ tí a ti tì í síta. Kí oṣù tuntun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 20, kí ó sì san ti ọjọ́ mẹ́rìnlá tó lò: bí a bá pín ₦45,000 sí ọgbọ̀n ọjọ́, ₦1,500 ni lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́rìnlá sì jẹ́ ₦21,000. Bí ó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọdún kan, ẹ gé ọjọ́ sùúrù rẹ̀ sí márùn-ún, kí ẹ sì kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i kí ó tó di pé ó kàn án. Mi ò ní kí ẹ má gba owó yín. Iṣẹ́ yín ni ẹ ń tà.

Ó ku ìgbà tí owó bá wọlé. Ìṣẹ́jú tí owó bá dé ni kí ilẹ̀kùn ṣí, láìsí pé ẹnì kan ń fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹ fún ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀, kí tiransifáà tó bá wọ ibẹ̀ jẹ́ owó tiwọn láìsí àríyànjiyàn. Nígbà míì, owó á kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, kò sì ní tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Bí bọ́sà bá fi àlátì hàn yín ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí i fún un fún wákàtí 48 kí ẹ máa retí. Bí owó bá padà sí àkáǹtì rẹ̀, ẹ tì í padà. Ohun tí ẹ lè pàdánù nínú ìyẹn kò ju ₦3,000 lọ. Kí ẹni tó ń gbé fóònù sì ní bọ́tìnì yẹn lọ́wọ́. Èmi kò ní in lọ́jọ́ yẹn, Màmá sì wà lórí fóònù, mo ń gbọ́ ariwo àwọn ọmọ lẹ́yìn wọn.

Kí tẹ́ẹ̀mù yìí tó parí, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣí àtẹ àkáǹtì yín. Ẹ wo ọjọ́ tí àyẹ̀wò ìkẹyìn wáyé lórí ímeèlì àti nọ́ńbà fóònù tí ìkìlọ̀ ń lọ sí. Tiwa ti pé oṣù mẹ́tàdínlógún tí ẹnikẹ́ni ti wò ó.

Tiyín ní tòótọ́,
ẹni tó kọ òfin wákàtí 72